Gíga ìlú sí ojú òkun: ibo ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ojú wo ni wọ́n sì ń kà fún wa?

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mò ń ṣe. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn sì máa ń bi mí jù ni ti nọ́ńbà tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìlú, pé ìlú báyìí fi mítà báyìí ga ju òkun lọ. Mo ti kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Ìlú Denver ní Amẹ́ríkà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí pé wọ́n fi àmì ìdáhùn tiwọn sí ara òkúta, wọ́n sì ti yí i padà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà.

Tí wọ́n bá ní ìlú kan fi mítà báyìí ga ju òkun lọ, ṣé gbogbo ìlú náà ló ga bẹ́ẹ̀?

Rárá o. Ojú kan ṣoṣo ni nọ́ńbà náà ń sọ. Ó lè jẹ́ òkúta kan, ó lè jẹ́ àtẹ̀gùn kan, ó sì lè jẹ́ ojú títì níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ wo Ìbàdàn. Àwọn àfonífojì rẹ̀ wà ní nǹkan bíi mítà 150, òkè gbọọrọ tó la àárín ìlú kọjá láti àríwá sí gúúsù sì tó nǹkan bíi mítà 275. Ọmọ Ìbàdàn ni ẹni tó kọ́lé sẹ́bàá odò Ògùnpa, ọmọ Ìbàdàn náà ni ẹni tó ń gbé ní Òkè Àrẹ̀, àmọ́ kò sí nọ́ńbà kan tó lè bá ilé àwọn méjèèjì mu.

Ta ló wá ń yan ojú tí wọ́n máa kà?

Kò sí òfin kan fún gbogbo ayé. Ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, tàbí ẹni tó ń ya máàpù, ló ń yan èyí tó bá wù ú. Ní Amẹ́ríkà, àjọ USGS ló ń tọ́jú ìwé orúkọ gbogbo ìlú. Tó bá kan ìlú, ojú tí wọ́n máa ń mú ni oókan ibi tí ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀: gbọ̀ngàn ìlú, ilé ìfìwéránṣẹ́ àgbà, gbàgede, tàbí oríta tó ṣe pàtàkì jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ka gíga ojú yẹn láti ara máàpù ilẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń lo ibùdó ọkọ̀ ojú irin tàbí pápákọ̀ òfuurufú, torí pé wọ́n ti bá gíga rẹ̀ nílẹ̀ lórí ìwé.

Ohun tí yíyàn yìí lè dá sílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní La Paz, ní Bòlífíà, gbàgede tí ilé ìjọba wà ga tó nǹkan bíi mítà 3,640. Pápákọ̀ òfuurufú tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò wà lókè, ní El Alto, ní ibi tó ga ju mítà 4,000 lọ. Ẹ máa rí nọ́ńbà méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ La Paz, kò sì sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì.

Wọ́n ń pe Denver ní ìlú tó ga ní máìlì kan. Ibo gan-an ni máìlì náà wà?

Ó wà lórí àtẹ̀gùn ilé ìjọba ìpínlẹ̀ Colorado, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilé náà. Máìlì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5,280, ìyẹn mítà 1,609 àti díẹ̀. Lọ́dún 1909, wọ́n fi àmì sí àtẹ̀gùn kẹẹ̀ẹ́dógún pé ibẹ̀ ló ga ní máìlì kan sí ojú òkun. Idẹ ni àmì náà, àwọn olè sì ń yọ ọ́ lọ léraléra, títí wọ́n fi gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà sínú òkúta fúnra rẹ̀ lọ́dún 1947. Kò sẹ́ni tó lè kó ìyẹn lọ.

Lọ́dún 1969, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado tún ibẹ̀ wọ̀n, wọ́n ní àtẹ̀gùn kejìdínlógún ni, wọ́n sì fi àmì idẹ tiwọn síbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2003, wọ́n tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, àmì tuntun sì bọ́ sí àtẹ̀gùn kẹtàlá. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí máa bá àmì mẹ́ta lórí àtẹ̀gùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta ni àwọn àlejò máa ń dúró sí láti ya fọ́tò, torí pé òun ló hàn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì tó ti pẹ́ jù ni.

Àtẹ̀gùn kan nínú ìlú náà ló ga ní máìlì kan, kì í ṣe ìlú náà. Ilẹ̀ Denver bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5,130, ó sì gòkè lọ dé nǹkan bí 5,690. Ní pápá béèsìbọ́ọ̀lù wọn tí wọ́n ń pè ní Coors Field, wọ́n fi àwọ̀ èlésè àlùkò kun ìlà ìjókòó kan ṣoṣo, èyí tó ṣe ìkogún nínú ìpele tó wà lókè pátápátá, pé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló wà ní máìlì kan. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀.

Òkun wo ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n? Ṣebí òkun ń kún, ó sì ń fà?

Ó ń kún, ó ń fà, ìjì tún ń tì í síwá sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ri ẹ̀rọ ìwọ̀n omi mọ́ etí èbúté, tí yóò máa kọ ibi tí omi dé sílẹ̀ tọ̀sántòru fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ tí a bá pín dọ́gba là ń pè ní ojú òkun. Ọdún 19 ni àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń kó pọ̀, torí pé ipa ọ̀nà òṣùpá máa ń gba ọdún 18 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ kó tó yí po, òṣùpá ló sì ń fa omi òkun. Èyí tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ kó ọdún 1983 títí di 2001 pọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, òkun ní Èkó ni òdo tí ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí ẹ máa rí nínú ètò kọ̀ǹpútà àwa awọnlẹ̀ ni `Lagos 1955`. Nígbà tí awọnlẹ̀ bá kọ gíga òkúta kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀n ní Òṣogbo sórí púláànù, bó ṣe ga ju òkun Èkó lọ ló ń sọ.

Ó ju kìlómítà 1,000 lọ láti òkun dé Denver. Báwo ni wọ́n ṣe gbé ojú òkun dé ibẹ̀?

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, díẹ̀díẹ̀, láti òkúta kan sí òkúta kejì. Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Awọnlẹ̀ á gbé awò kan lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, á yí àwọn ìdè ìdí rẹ̀ títí ìfófòó inú lẹ́fẹ́lì rẹ̀ á fi dúró sí àárín gbùngbùn. Nígbà náà, gbogbo ohun tí ìlà inú awò náà bá kàn wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú awò fúnra rẹ̀. Ẹnì kan á dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n ya sẹ̀ǹtímítà sí lára, lórí òkúta tí a ti mọ gíga rẹ̀. Ẹnì kejì á dúró níwájú pẹ̀lú ọ̀pá tirẹ̀.

Ká ní òkúta ẹ̀yìn ga ní mítà 214.350. Mo wo ọ̀pá ẹ̀yìn, mo ka 1.620. Mo fi kún un, ojú awò mi wà ní 215.970 nìyẹn. Mo yí awò sí iwájú, mo ka 0.845. Mo yọ ọ́ kúrò, ilẹ̀ tí ọ̀pá iwájú dúró lé wà ní 215.125. Ilẹ̀ ti fi 0.775 gòkè. Ẹni ẹ̀yìn á wá rìn kọjá lọ síwájú, èmi náà á gbé awò mi tẹ̀ lé e, a tún bẹ̀rẹ̀. Kì í sábà ju mítà 50 lọ láàárín awò àti ọ̀pá kan, ìyẹn ni pé ìrìn kìlómítà kan lè gba ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà awò sí ọ̀pá ẹ̀yìn àti ti iwájú gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí awò bá yọ́ díẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i, bó ṣe ṣì lẹ́yìn náà ló máa ṣì níwájú, tí a bá sì yọ ọ̀kan lára èkejì, àṣìṣe náà á pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí kò bá bìkítà nípa èyí, tó ń gun òkè, tó ń wo ẹ̀yìn lọ́nà jíjìn tó sì ń wo iwájú nítòsí ní gbogbo ìgbà, àṣìṣe rẹ̀ á máa lé ara wọn ni, kò ní pa rẹ́.

Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ẹ ti ṣì í?

A máa ń padà wá síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá jáde láti 214.350, tí mo rin kìlómítà mẹ́rin po, tí mo padà bá òkúta kan náà ní 214.362, mílímítà 12 ni mo fi ṣì. Ìṣirò kan wà tó ń sọ iye tí a lè fara mọ́. Nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, mílímítà 12 ni a máa ń sọ di púpọ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò iye kìlómítà náà. Gbòǹgbò 4 jẹ́ 2, ìyẹn mílímítà 24, torí náà iṣẹ́ mi dára.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni ọ̀pá tó ń fà gùn bí eríàlì rédíò. Oríkèé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dún pàá kó tó dúró. Bí ọmọ iṣẹ́ bá fà á tí kò dún, ọ̀pá náà á kúrú ní sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ láti ibi awò. Oòrùn ọ̀sán náà tún wà níbẹ̀: ooru ojú títì á máa mú nọ́ńbà ara ọ̀pá jó nínú awò, débi tí ẹnì kan á ka mẹ́fà, tí ẹlòmíì á ka mẹ́jọ. Ní tèmi o, bí aago mọ́kànlá bá ti lù ní oṣù kẹta, mo ti gbé awò sílẹ̀.

Kí ló dé tí àmì Denver fi sọ̀ kalẹ̀ láti àtẹ̀gùn kejìdínlógún sí kẹtàlá? Ṣé ilé náà rì ni?

Ilé náà wà níbi tó wà, òkè náà kò sì kúrò. Òdo ni wọ́n yí padà.

Lọ́dún 1929, wọ́n so ìwọ̀n gíga gbogbo Amẹ́ríkà mọ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n omi 26 ní etí òkun, 21 ní Amẹ́ríkà, márùn-ún ní Kánádà. Wọ́n kà á sí pé òdo ni ojú òkun jẹ́ níbi gbogbo wọn. Àmọ́ ojú òkun kì í dọ́gba báyẹn. Ìṣàn omi, iyọ̀, ooru àti afẹ́fẹ́ ń mú kó ga níbì kan ju ibòmíràn lọ, òkun Pàsífíìkì sì ga ju Àtìláńtíìkì lọ létí ilẹ̀ wọn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n na tapólì òde ìnáwó mọ́ òpó tí kò dọ́gba, tí gbogbo èèyàn sì ń wọ̀n gíga láti ara tapólì náà. Ibi tí ó ti tẹ̀, ìwọ̀n á tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìpìlẹ̀ yẹn ni `NGVD 29`, òun ló sì wà lórí oyè nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀n ọ́n lọ́dún 1969.

Nígbà tí wọ́n máa tún un ṣe, ẹ̀rọ ìwọ̀n omi kan ṣoṣo ni wọ́n dì mú, ní Rimouski, ní etí odò Saint Lawrence ní Kánádà. Wọ́n tún gbogbo ìwọ̀n tó kù ṣírò láti ibẹ̀, orúkọ ìpìlẹ̀ tuntun sì di `NAVD 88`. Ní Denver, ìpìlẹ̀ tuntun yìí fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kún gíga gbogbo òkúta. Àtẹ̀gùn kejìdínlógún tó jẹ́ 5,280 tẹ́lẹ̀ wá di nǹkan bí 5,283. Ẹni tó ń wá 5,280 ní láti fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀. Inṣi 36 nìyẹn, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan sì tó bí inṣi méje, ìyẹn àtẹ̀gùn márùn-ún. Ẹ yọ márùn-ún kúrò nínú méjìdínlógún. Ní ti àmì 1909, wọ́n ti fi í síbẹ̀ kí ìpìlẹ̀ 1929 pàápàá tó wà.

Wọ́n ṣì máa yí i padà. Àjọ NGS, tó ni iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣètò ìpìlẹ̀ mìíràn tí kò ní gbára lé ìrìn láti òkúta sí òkúta. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi wọ̀n agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra káàkiri orílẹ̀-èdè náà, wọ́n á sì pa á pọ̀ mọ́ GPS. Ní ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀, gíga á dín kù, títí kan Denver, àmì máìlì kan á sì tún ní láti gòkè.

Mo dúró létí òkun ní Lẹ́kì, fóònù mi ń sọ pé mo wà ní mítà 25. Ṣé fóònù mi ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Òdo tirẹ̀ ló yàtọ̀. Sátẹ́láìtì kò mọ òkun. Láti ara àwòrán ayé kan tí àwọn onímọ̀ fi ìṣirò yà, tó yí rọ́bótó tó sì fẹ̀ díẹ̀ láàárín, ni GPS ti ń wọ̀n gíga. Ojú òkun kò bá àwòrán yìí mu, torí pé ilẹ̀ kì í fa nǹkan mọ́ra bákan náà níbi gbogbo. Ní àgbègbè Èkó, ojú òkun fi nǹkan bíi mítà 23 wà lókè àwòrán náà. Ní Denver, tí ẹ bá na ojú òkun dé abẹ́ ìlú náà, yóò fi nǹkan bíi mítà 17 wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìṣirò tí a ń lò rèé:

```
H = h - N
Lekki:   25 - 23 = 2
Denver:  1592 - (-17) = 1609
```

`h` ni ohun tí GPS kà, `N` ni àlàfo tó wà láàárín ojú òkun àti àwòrán náà, `H` sì ni gíga sí ojú òkun. Ẹ rí i pé fóònù tí kò yọ `N` kúrò á sọ pé ẹ ga ju bí ẹ ṣe ga lọ ní Èkó, á sì sọ pé ẹ kúrú jù ní Denver.

Fún ẹni tó ń kọ áàpù, lórí fóònù Android, `getAltitude` ni nọ́ńbà tí wọn kò tíì yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Láti Android 14 ni `getMslAltitudeMeters` ti dé, èyí tó ń sọ ti ojú òkun. `altitude` ti iPhone ti yọ ọ́ kúrò fún yín. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ èyí tí áàpù yín ń lò ni kí ẹ lọ dúró létí òkun tàbí ọ̀sà. Bí ó bá wà ní nǹkan bí ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ, kò yọ ọ́. Ẹ má sì gbàgbé pé fóònù ṣì lè fi mítà mẹ́wàá ṣì lókè sódò, kódà lẹ́yìn ìyọkúrò.

Kí ló fà á tí oríṣiríṣi ojúewé fi ń sọ nọ́ńbà oríṣiríṣi fún ìlú kan náà?

Púpọ̀ nínú wọn kò rán ẹnikẹ́ni lọ wọ̀n nǹkan kan. Wọ́n mú ojú kan ní àárín orúkọ ìlú lórí máàpù, wọ́n sì ka gíga rẹ̀ láti inú iṣẹ́ tí Endeavour, ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń lọ sí ojú sánmà, ṣe láti òkè lọ́hùn-ún ní oṣù kejì ọdún 2000, nígbà tó fi ọjọ́ 11 ya àwòrán ilẹ̀ ayé pẹ̀lú rédà. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ nọ́ńbà kan ni ó fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 30 lọ́nà méjèèjì, rédà náà sì ń bá òrùlé àti orí igi pàdé kó tó dé ilẹ̀. Àṣìṣe mítà 16 wà lára ohun tí àwọn tó ṣe é gbà láàyè. Bí ojúewé kan bá wá fi ojú tirẹ̀ sí orí òkè, tí èkejì fi tirẹ̀ sí àfonífojì, ẹ ti rí ibi tí ìyàtọ̀ ti wá.

Wọ́n ní Èkó ga ní mítà 41. Ṣé omi ò wá lè bò wá nìyẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nọ́ńbà yẹn ra ilẹ̀. Gíga pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà ni mítà 41, ẹsẹ̀ bàtà 135. Òfin ọkọ̀ òfuurufú sì ni pé ibi tó ga jù lójú ọ̀nà tí bàlúù ń bà sí ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ, kì í ṣe ibi tó wà láàárín. Àwọn awakọ̀ bàlúù ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ìlà etí òkun, láti Erékùṣù dé Lẹ́kì àti Àjà, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò ju mítà díẹ̀ lọ sí òkun, sẹ̀ǹtímítà ogún sì tó láti pinnu bóyá omi máa wọ pálọ̀ tàbí kò ní wọ̀ ọ́. Awọnlẹ̀ tó gbé awò àti ọ̀pá wá síbi ilẹ̀ náà ló lè sọ ìyẹn fún yín, kò sí áàpù tó lè sọ ọ́.

Mo fẹ́ kọ gíga ìlú wa sórí ojúewé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Kí ni kí n kọ?

Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta pọ̀: nọ́ńbà náà, ojú tí ó jẹ́ tirẹ̀, àti òdo tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. "Iwájú ààfin, mítà 312, `Lagos 1955`" ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé ju "mítà 312" lásán lọ. Bí ìlú yín bá jẹ́ olókè bí Abẹ́òkúta, ẹ fi ibi tó rẹlẹ̀ jù àti ibi tó ga jù kún un.

Ẹ bi awọnlẹ̀ tó wà nítòsí yín bóyá òkúta ìjọba tó ní gíga ṣì wà ládùúgbò. Kí wọ́n wò ó dáadáa kí wọ́n tó lò ó, torí pé katapílà àwọn tó ń ṣe títì máa ń tì wọ́n wó, ẹnì kan á sì tún gbé e nàró padà pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bí wọ́n bá rí òkúta méjì, kí wọ́n wọ̀n láti ọ̀kan dé èkejì. Bí ìyàtọ̀ wọn kò bá bá ohun tó wà nínú ìwé mu, ọ̀kan ti kúrò nípò. Bí kò bá sí òkúta rárá, ẹ̀rọ GPS ti awọnlẹ̀, kì í ṣe ti fóònù, lè jókòó lórí ojú náà fún wákàtí díẹ̀, kí wọ́n sì yọ `N` kúrò.

Bó bá sì jẹ́ pé orí ayélujára lẹ ti mú un, ẹ má kọ 312.47. Ẹ kọ "nǹkan bíi 310".